Àmì Tí Àwòrán Gbé Mì: Àyẹ̀wò Bí Olùkọ́ Ṣe Ń Máàkì Ìpínrọ̀ Àròkọ Yorùbá

Ìfáárà

Ó ti di àṣà báyìí kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ Yorùbá sínú ìwé onílà, kí ó fi fóònù ya àwòrán ojú ewé náà, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́. Olùkọ́ a wá kọ àtúnṣe sórí àwòrán náà, tàbí kí ó tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí jọ èyí tí olùkọ́ ti ń fi báírò pupa ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ìwé bá wà lọ́wọ́ olùkọ́, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gan-an ni ó ń rí. Bí ó bá jẹ́ àwòrán, ohun tí ìmọ́lẹ̀, òjìji àti fóònù ṣẹ́kù sílẹ̀ nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ni ó ń rí. Nínú èdè tí àmì kékeré kan ti lè ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, ìyàtọ̀ yìí tóbi.

Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ra sábẹ́ àmì pupa kan náà. Èkíní ni ohun tí àwòrán kò gbé jáde. Èkejì ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì kọ ní ti gírámà àti àkọtọ́. Ẹ̀kẹta ni ohun tó tọ̀nà, àmọ́ tí ó ṣeé sọ lọ́nà tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò jìyà ohun tí fóònù ṣe, yóò ka àbá sí àṣìṣe, ohùn tirẹ̀ yóò sì pòórá nínú àròkọ tí orúkọ rẹ̀ wà lókè rẹ̀.

Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni àyẹ̀wò yìí dá lé. Inú àwọn àṣìṣe tí gbogbo olùkọ́ Yorùbá mọ̀ ni a ti ṣa ìpínrọ̀ náà jọ láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Àkọlé àròkọ náà ni ‘Ọjà Ìlú Mi’. Òjìji fóònù bo ìdajì ìsàlẹ̀ ojú ewé náà, nítorí náà, báyìí ni ìpínrọ̀ náà ṣe hàn nínú àwòrán:

‘Ọjà ìlú mi jẹ́ ọjà tí ó tóbi púpọ̀. Ní ọjọ́ ọjà, mo àti ìyá mi máa ń lọ sí bẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn ìyá mẹ́ta máa ń ta ata ní ẹnu ọ̀nà, a si maa n ra ata lati ọwọ okan ninu won. O so fun iya mi wipe owo ata ti lọ si oke. Owo iya naa dara, nitori wipe ko maa n yan onibaara jẹ. Leyin ti a ba ra gbogbo nnkan tan, iya mi a ra akara fun mi, mo si maa n gbadun ara mi.’

Ohun tí àwòrán kò gbé jáde

Ẹni tó bá wo ìpínrọ̀ yìí láìfara balẹ̀ yóò sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà fi àmì ohùn sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé àárín. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ibi tí àmì ti dáwọ́ dúró yẹ kí ó kọ olùkọ́ lóminú. Àmì ohùn kò dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn pòórá, láàárín gbólóhùn kẹta, níbi tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó rẹ̀ kì í ṣe báyìí. Ẹni tó rẹ̀ a máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ kan, a fo méjì, a tún fi sí òmíràn. Bí àmì bá pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìdí rẹ̀ sì hàn lójú àwòrán, àwòrán ni kí olùkọ́ kọ́kọ́ fura sí.

Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ tún ní ewu tirẹ̀. Orí ìlà ìwé ni ó máa ń bọ́ sí. Bí báírò bá jẹ́ aláwọ̀ aró, tí ìlà ìwé náà sì jẹ́ aláwọ̀ aró, àmì yóò wọ inú ìlà lọ, ojú kò ní í rí i mọ́ nínú àwòrán. Bí ìwé bá tún fẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ewé lè yọ sójú, kí àmì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi síbẹ̀ wá hàn bí ẹni pé òun ló fi í. Àwọn ìlànà ìfiránṣẹ́ orí fóònù pẹ̀lú sábà máa ń fún àwòrán pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, àwọn ohun kéékèèké sì ni ó ń kọ́kọ́ bá a lọ.

Ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà mọ ìyàtọ̀ wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀. Kí ó wo ọ̀rọ̀ kan náà níbi tó ti jẹ yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí fi àmì sábẹ́ ‘ọjà’ ní gbogbo ibi tó ti kọ ọ́, ó sì fi sábẹ́ ‘ọwọ’, ‘lọ’ àti ‘jẹ’ kódà nínú òjìji. Ẹni náà mọ̀ pé ó yẹ kí àmì wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ‘okan’, ‘so’ àti ‘Leyin’ kò bá ní àmì, kò tọ́ kí a fi máàkì jẹ ẹ́ níyà lórí wọn kí a tó rí àwòrán tó dára jù. Bó bá jẹ́ pé kò sí àmì kankan lábẹ́ lẹ́tà kankan lójú ewé, níbi tó mọ́lẹ̀ àti níbi tó ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìyẹn àṣà ìkọ̀wé ni, olùkọ́ sì lè sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe.

Gbólóhùn karùn-ún ni ọ̀rọ̀ yìí ti burú jù: ‘Owo iya naa dara’. Lẹ́tà mẹ́ta yìí lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ òwò, ó sì lè jẹ́ ọwọ́. Olùkọ́ tó ń kánjú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ‘owo ata’ nínú gbólóhùn kẹrin, yóò kọ ‘owó’ sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò rí i pé ‘owó ìyá náà dára, nítorí pé kì í yan oníbàárà jẹ’ kò fún un ní òye tó gún, yóò sì kọ sétí ìwé pé ‘Ìtumọ̀ kò yé mi’. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò pàdánù máàkì lórí gbólóhùn tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ bà jẹ́. Òwò ni ọ̀rọ̀ tó bá ìyókù gbólóhùn náà mu: ọ̀nà tí ìyá yẹn ń gbà ṣòwò dára, torí kò sí ìyànjẹ níbẹ̀. Ọwọ́ náà kò jìnnà púpọ̀, nítorí ọwọ́ ni a fi ń bu ata fún oníbàárà. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti fi àmì sí ‘ọwọ’ nínú gbólóhùn kẹta, kò sì sí àmì lábẹ́ èyí. Ẹ̀rí nìyẹn pé ọwọ́ kọ́ ni ó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí òjìji lè bà jẹ́ ni.

Ibi tí ẹ̀rí bá mọ ni kí àtúnṣe mọ. Ohun tó kù ni ìbéèrè, ọ̀nà méjì tó rọrùn sì wà láti bi í. Èkíní ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ya àwòrán mìíràn: kí ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ojú fóònù tẹ́ bákan náà pẹ̀lú ojú ìwé, kí ó sì fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì kí ó má baà fún pọ̀. Èkejì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìpínrọ̀ náà sókè, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán. Ọ̀nà kejì yìí ni ó bá èdè Yorùbá mu jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tilẹ̀ fi àmì ohùn kankan sórí ìwé, ẹnu rẹ̀ yóò pe òwò ní òwò, olùkọ́ yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yé e, pé fífi àmì sí i ni ó kù tí yóò kọ́.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì kọ

Bí a bá ti yọ ohun tí àwòrán fà kúrò, àṣìṣe tó dájú nínú ìpínrọ̀ yìí kò pọ̀. Márùn-ún ni. Ó sàn kí olùkọ́ ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan ju kí ó kàn pa á rẹ́ lọ.

Àkọ́kọ́ ni ‘mo àti ìyá mi’. Mo jẹ́ arọ́pò-orúkọ tí kò lè dá dúró, iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni ibùjókòó rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi àti so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, arọ́pò afarajorúkọ ni a nílò, nítorí òun ni ó ń ṣe bí ọ̀rọ̀-orúkọ. Èmi àti ìyá mi ni ó tọ̀nà. Èkejì kéré: ‘sí bẹ̀’. Sí àti ibẹ̀ ni ó pàdé, i ti jẹ, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì ti di ọ̀kan: síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: ‘ko maa n yan onibaara jẹ’. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé máa ń ni ó ń tọ́ka sí ohun tí ènìyàn ń ṣe ní gbogbo ìgbà, ó sì mọ̀ pé kò ni a fi ń yí gbólóhùn sódì. Ó wá fi ọ̀kan síwájú èkejì. Àmọ́ èdè Yorùbá kì í to méjèèjì tẹ̀lé ara wọn báyìí. Bí a bá yí máa ń sódì, kì í ni ó ń gba ipò àwọn méjèèjì: ó máa ń yan oníbàárà jẹ, kì í yan oníbàárà jẹ. Àṣìṣe yìí yẹ ní àfiyèsí nítorí pé ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ lè má ṣe é. Bí a bá bi í pé, ‘Ṣé ìyá rẹ máa ń nà ọ́?’ kò ní í sọ pé, ‘Kò máa ń nà mí.’ ‘Kì í nà mí’ ni yóò sọ. Ọwọ́ tó ń kọ̀wé ni ó ń to ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, àtúnṣe tó dára jù kì í ṣe kí olùkọ́ kọ kì í síbẹ̀, bí kò ṣe kí ó bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ìdáhùn láti ẹnu ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún jẹ́ ọ̀kan náà tó jẹ yọ lẹ́ẹ̀mejì: ‘wipe’. Wí jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí sọ, pé ni ó sì ń so gbólóhùn tó tẹ̀lé e mọ́ ọn. Nínú ‘ó wí pé’, ọ̀rọ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́ tiwọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì ń kọ wọ́n. Nínú ‘ó sọ fún ìyá mi’, sọ ti ṣe iṣẹ́ wí tán; pé nìkan ni ó kù. Nínú ‘nítorí pé’, kò sí ẹni tó ń sọ ohunkóhun rárá. Òtítọ́ ni pé wípé pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà àti lórí rédíò. Kò yẹ kí olùkọ́ bínú sí i bí ẹni tó bá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá pàdé, ṣùgbọ́n nínú àròkọ ilé-ìwé, pé ni kí ó dúró lé.

Ìkìlọ̀ kan wà fún olùkọ́ náà. Bí ó ti ń dá àmì ohùn padà sórí àwọn ọ̀rọ̀ tí òjìji bò, òun pẹ̀lú lè ṣì í. Rà ni ó máa rí nínú ìwé atúmọ̀, ó sì lè fẹ́ kọ ‘rà ata’. Àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ tó jẹ́ sílébù kan a máa gba ohùn àárín bí àbọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ: a ra ata, ó yan oníbàárà jẹ. Bí àbọ̀ bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ náà a dúró: a rà á, ó yàn mí jẹ. Tó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kọ ‘ra ata’ láìsí àmì lórí ra, kò ṣe àṣìṣe, bí òjìji tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ohùn àárín kì í gba àmì.

Ohun tó ṣeé sọ lọ́nà tó lágbára

Ibí ni ìwà olùkọ́ ti máa ń hàn jù. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé kí Yorùbá tó lágbára, ó gbọ́dọ̀ ní òwe. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ yóò fa gbólóhùn àkọ́kọ́ yọ, yóò sì kọ sókè pé, ‘Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ayé lọjà, ọ̀run nilé.’ Òwe náà dára, ó sì ní ọjà nínú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ikú àti àtúbọ̀tán ni ó ń sọ, ọmọ yìí sì ń sọ ti ata àti àkàrà. Bí òwe náà bá ti wọlé, ẹni tó ń kà yóò máa retí ọ̀rọ̀ àgbà, yóò sì bá ọmọ kan tó ń jẹ àkàrà pàdé. Òwe kò ran ìpínrọ̀ náà lọ́wọ́; ó fi í hàn bí ohun tí kò tó nǹkan.

Agbára ìpínrọ̀ yìí wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àìlera rẹ̀ wà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ pé ọjà náà ‘jẹ́ ọjà tí ó tóbi púpọ̀’. Kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètò èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó tẹ̀ lé. Ní Yorùbá, tóbi fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kò nílò jẹ́ kí ó tó lè dúró: Ọjà ìlú mi tóbi púpọ̀. Bákan náà ni ‘owo ata ti lọ si oke’. Owó kì í gun òkè ní Yorùbá. Ọjà ni ó ń wọ́n, òun ni ó sì ń gbówó lórí: ata ti gbówó lórí. A kì í sábà ra nǹkan ‘láti ọwọ́’ ènìyàn. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ti ń rà á. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn wọ̀nyí, gbólóhùn tó lágbára ni ó kúrú jù, òun náà sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ nílé lójoojúmọ́.

‘Àwọn ìyá mẹ́ta’ nílò ìfarabalẹ̀. Mẹ́ta ti sọ pé wọ́n ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà ìyá mẹ́ta tó nígbà tí a bá ń dárúkọ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí ẹni tó ń kà ti mọ̀ ni, ‘àwọn ìyá mẹ́ta náà’ tọ̀nà pátápátá. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí olùkọ́ kà á sí àṣìṣe. Àbá ni.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ni ó nílò ìrànlọ́wọ́ jù, òun sì ni olùkọ́ kò gbọdọ̀ tún kọ fúnra rẹ̀. ‘Mo si maa n gbadun ara mi’ lè tẹ̀ lé ìrìn àjò, ìgbéyàwó tàbí eré bọ́ọ̀lù. Kò sọ ohunkóhun nípa ọjà yìí. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ kọ sétí rẹ̀ ni ìbéèrè: ‘Kí ni o máa ń ṣe sí àkàrà náà?’ Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn pé òun máa ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, olùkọ́ yóò ní kí ó kọ ohun tí ó wí. Olùkọ́ tún lè bi í nípa gbólóhùn kẹrin. Gbogbo ìpínrọ̀ ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àfi ‘O so fun iya mi’, tó jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé lọ́jọ́ kan ni? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì yóò tún un ṣe.

Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dáhùn, báyìí ni ìpínrọ̀ náà lè rí:

‘Ọjà ìlú mi tóbi púpọ̀. Ní ọjọ́ ọjà, èmi àti ìyá mi máa ń lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ìyá mẹ́ta máa ń ta ata ní ẹnu ọ̀nà, a sì máa ń ra ata lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, ó sọ fún ìyá mi pé ata ti gbówó lórí. Òwò ìyá náà dára, nítorí pé kì í yan oníbàárà jẹ. Lẹ́yìn tí a bá ra gbogbo nǹkan tán, ìyá mi a ra àkàrà fún mi, n ó sì máa jẹ ẹ́ bọ̀ wálé.’

Kò sí òwe nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀. Gbólóhùn mẹ́fà tó kọ náà ni ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Àmì mẹ́ta tó yàtọ̀ síra tó fún iṣẹ́ yìí. Kí olùkọ́ fa ìlà gbọọrọ sábẹ́ àṣìṣe, kí ó kọ àmì ìbéèrè sórí ohun tí àwòrán fi pamọ́, kí ó sì fa ìlà wíwọ́ sábẹ́ ibi tó ní àbá. Èyí tó ní ìlà gbọọrọ nìkan ni kí ó dín máàkì kù. Nínú ìpínrọ̀ yìí, àṣìṣe márùn-ún ni yóò gba ìlà gbọọrọ. Ibi márùn-ún ni yóò gba ìlà wíwọ́ lórí ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ lò, gbólóhùn kẹrin yóò sì gba ọ̀kan nítorí àkókò rẹ̀. Gbogbo ìyókù tí òjìji bò yóò dúró de àwòrán kejì tàbí ohùn akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀nà yìí gba àkókò ju báírò pupa lọ, olùkọ́ tó ní àwòrán ogójì lórí fóònù kò sì lè ṣe é fún gbogbo wọn lọ́sẹ̀ kan náà. Ó lè mú ìpínrọ̀ kan péré nínú àròkọ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ìpínrọ̀ kan tí ìdí àṣìṣe rẹ̀ yé akẹ́kọ̀ọ́ yóò wúlò fún un ju ojú ewé mẹ́ta tó pọ́n bí ata, tí kò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bi òun àti èyí tó jẹ́ ti fóònù.